Ọmọ Ọdún 11 Tí Kọ̀ǹpútà Sọ Di Ọmọ Ọdún 12

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Excel ní ọmọ yìí ti pé ọdún 12, ìyá rẹ̀ sì takú pé 11 ni."

Àbúrò mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn ló pè mí. Ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ mú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 lọ síbi ìdíje kan, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n sì ní kí wọ́n fi ka ọjọ́ orí wọn. Orí fóònù ni àwọn òbí ti kọ ọjọ́ ìbí ránṣẹ́, olúkúlùkù bó ṣe wù ú. Ìyá ọmọ náà kọ 05/11/2012, ìyẹn ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá. Òótọ́ ni ìyá yìí sọ.

Kí a tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí, ó yẹ ká mọ ohun tí Excel ń pè ní déètì. Nọ́ńbà ni. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900 ni 1, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni 2, bẹ́ẹ̀ ló ń kà á bọ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2012 bọ́ sí 41218. Ohun tí ojú wa ń rí, tí ilà pẹlẹbẹ wà láàárín rẹ̀, ẹ̀wù lásán ni wọ́n fi wọ nọ́ńbà náà. Nítorí pé nọ́ńbà ni, a lè yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọjọ́ kejì ká mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín wọn. Àmọ́ bí Excel kò bá dá ohun tí a tẹ̀ mọ̀ ní déètì, yóò fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, bí ìgbà tí èèyàn kọ orúkọ síbẹ̀. Bí a kò bá fọwọ́ kan ìtò rẹ̀, apá òsì àpótí ni ọ̀rọ̀ máa ń sún mọ́, apá ọ̀tún sì ni nọ́ńbà máa ń wà.

Nínú ìwé àbúrò mi, àwọn kan wà lápá òsì, àwọn kan wà lápá ọ̀tún. Ó rò pé àwọn tó wà lápá òsì nìkan ló bàjẹ́, pé àwọn tó wà lápá ọ̀tún ti di déètì, kò sí wàhálà lórí wọn. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn, nítorí àwọn tó wà lápá ọ̀tún ni irọ́ wà nínú wọn.

Ìlànà Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ náà ń tẹ̀ lé, oṣù ló sì ń ṣáájú ọjọ́ níbẹ̀. Nígbà tó rí 23/08/2013, ó wá oṣù kẹtàlélógún, kò rí i, ó sì fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí 05/11/2012, oṣù karùn-ún wà, ọjọ́ 11 náà wà, ló bá sọ ọ́ di ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún láì bi ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà rẹ̀ di 41040 dípò 41218. Ọjọ́ 178 ni wọ́n fi kún ọjọ́ orí ọmọ náà, ìyẹn ló sì mú kó ti pé ọdún 12 kí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án tó dé.

Bí a ṣe ń dá àìsàn yìí mọ̀ rọrùn. Ẹ wo gbogbo àwọn tó jẹ́ ọ̀rọ̀: bí ọjọ́ wọn bá jẹ́ 13 sókè, tí kò sì sí déètì tòótọ́ kankan tí ọjọ́ tirẹ̀ kọjá 12, ọjọ́ àti oṣù ti gba ipò ara wọn.

Ó máa ń wu èèyàn láti yí wọn padà pẹ̀lú fọ́múlà kan báyìí:

```
=DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2))
```

Mo kìlọ̀ fún un pé kó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí tó bá kọ orúkọ oṣù sílẹ̀, bíi 3 Apr 2013, Excel ti kà á dáadáa. Fọ́múlà yìí yóò sọ ọ́ di ọjọ́ 4 oṣù kẹta. Òbí kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà náà sì kọ 08/23/2013. Bí a bá yí ìyẹn padà, DATE yóò gba oṣù kẹtàlélógún láì janpata, yóò kà á kọjá sínú ọdún kejì, yóò sì gbé ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2014 jáde. Kò ní fi àmì àṣìṣe kankan hàn.

Ó sàn ká padà sí orísun. Mo bi í bóyá fáìlì CSV tó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ṣì wà. Ó wà. Nígbà tó tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i ni Excel ṣe ìtumọ̀ tirẹ̀. Àwọn òǹkà inú fáìlì fúnra rẹ̀ ṣì wà bí òbí ṣe kọ wọ́n. Mo ní kó ṣí ìwé tuntun, kó lọ sí Data, kó yan From Text/CSV, kó sì yan Do not detect data types kó tó tẹ Load. Báyìí gbogbo rẹ̀ wọlé bí ọ̀rọ̀, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti túmọ̀.

Ó wá ku àtúnṣe. Àwọn kan fi àmì ìdánudúró ya ọjọ́ sọ́tọ̀, bíi 7.2.13, àwọn mìíràn fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Fọ́múlà kan ṣoṣo tó àwọn méjèèjì, nínú òpó tó tẹ̀ lé e:

```
=SUBSTITUTE(TRIM(A2),".","/")
```

Ó kọ àbájáde rẹ̀ kalẹ̀ padà pẹ̀lú Paste Values. Lẹ́yìn náà ló mú òpó náà, ó lọ sí Data, Text to Columns, ó tẹ Next lẹ́ẹ̀mejì, ó yan Date, ó sì yan DMY, tó túmọ̀ sí ọjọ́, oṣù, ọdún. Ó tẹ Finish. Àwọn tó ṣì kù lápá òsì kò pọ̀: ti òbí tó wà ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tó kọ "oṣù kẹta" ní Yorùbá. Ọwọ́ ló fi tún wọn tẹ̀, ó ń ka fọ́ọ̀mù bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ọdún oní-nọ́ńbà méjì ṣì lè dá wàhálà sílẹ̀. 13 di 2013, ìyẹn dára fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà tí a kò yí ìlànà rẹ̀, Excel máa ń ka nọ́ńbà kékeré bíi 28 sí ọdún 2000 sókè. Ìyá àgbà tí wọ́n bí ní 1928, tí wọ́n kọ ọ́ ní 28, yóò di ẹni tí a ó bí ní 2028.

Nígbà tó kan ọjọ́ orí, àbúrò mi ti fi ọjọ́ tó wà láàárín pín sí 365. Ọmọ kan wà tí wọ́n bí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2012. Láti ọjọ́ náà sí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 jẹ́ ọjọ́ 4,380, bí a bá sì fi 365 pín in, 12 géérégé ni. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó pé 12. Ọdún 2016, 2020 àti 2024 ní ọjọ́ 366, ọjọ́ mẹ́ta àfikún náà ló tan ìṣirò jẹ. Ohun tó ń ka ọdún bí èèyàn ṣe ń kà á ni èyí:

```
=DATEDIF(B2,DATE(2024,9,30),"Y")
```

Excel kì í dábàá orúkọ rẹ̀ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, odindi rẹ̀ la ó tẹ̀ fúnra wa. Bí ọjọ́ ìbí bá wà lẹ́yìn ọjọ́ tí a fi ń kà á, yóò gbé `#NUM!` jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá àgbà tó di ọmọ 2028 ṣe máa ń fara hàn.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń jà fún di 11. Ọmọ ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá náà di 11. Ó ku ẹyọ kan tí fọ́múlà kankan kò lè yanjú: òbí tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ní ọmọ kejì nínú ìwé náà, ó sì kọ 04/09/2012 fún un. Bí oṣù bá ṣáájú, ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ni, ọmọ ti pé 12. Bó bá ti rántí àṣà ilé, ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ni, ó ti pé 12 bákan náà. Ó bọ́ sí ibi tó dára fún ìdíje yìí, nítorí kò ní kópa lọ́nà méjèèjì. Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àbúrò mi kò sì fẹ́ kí irọ́ wà níbẹ̀. Ó fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, ó kùn ún ní àwọ̀ òféfèé, ó sì ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ pé kó ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ fi ránṣẹ́.