Ibo Ni Òdo Iwájú Nọ́ńbà Ń Gbà Lọ?

Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìbàdàn ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó lè san èrè ọdún sí àkáǹtì kálukú. Fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i parí sí .csv. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel sì ṣí i wẹ́rẹ́. Orúkọ pé, iye owó pé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù tí ó yẹ kó jẹ́ 08012345678 ti di 8012345678, kóòdù báńkì 011 ti di 11, nọ́ńbà àkáǹtì 0000014579 sì ti ṣẹ́ kù sí 14579. Kò sí báńkì tí yóò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó fi fáìlì ránṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bá wí, bẹ́ẹ̀ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo inú fáìlì náà gan-an:

```
Oruko,Foonu,Banki,Akanti,Owo
Sade,08012345678,011,0000014579,45000
```

Kò ju báyìí lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ni csv, kọ́mà ló sì ń pín in sí òpó òpó. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí a ti lè kọ ọ́ pé owó nìyí, fóònù nìyẹn. Excel ni yóò fúnra rẹ̀ méfò nígbà tí ó bá ń ṣí i. Ohun tí ó bá jẹ́ nọ́ńbà látòkè délẹ̀, ó gbà pé iye ni, a sì mọ̀ pé nínú ìṣirò, òdo tó wà níwájú kò níye: 011 àti 11, ọ̀kan náà ni. Fún 45000 tó jẹ́ owó, ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀? Orúkọ tí a fi nọ́ńbà kọ ni fóònù àti àkáǹtì. Àwọn kan a máa fi àmì àyọlò ká nọ́ńbà náà mọ́ nínú csv, bíi "011", pé bóyá yóò gbọ́. Kì í gbọ́. Excel á bọ́ àmì náà sọ nù, á sì tún jẹ òdo ọ̀hún.

Ohun tí ó yẹ kí akọ̀wé wa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé òdo rẹ̀ kò tíì sọ nù. Ojú Excel nìkan ló ti kúrò. Ó ṣì wà nínú fáìlì. Kí ó pa Excel dé, kí ó má sì gbà nígbà tí ó bá bi í léèrè bóyá kí òun ṣe Save. Lẹ́yìn náà, kí ó fi Notepad ṣí fáìlì kan náà, yóò rí 011 rẹ̀ níbẹ̀. Save ni ewu. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ohun tí Excel ń fi hàn ni yóò kọ lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, òdo náà á wá lọ lóòótọ́.

Ti àwọn tí ó fi +234 bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà fóònù wọn tún burú jù. Àmì ìròpọ̀ ni Excel ka + sí, ó sì máa ń sọ +2348012345678 di 2.34801E+12, ìyẹn ọ̀nà ìkékúrú tí àwọn onísáyẹ́ǹsì fi ń kọ nọ́ńbà ńlá. Tí a bá ṣe Save sí csv bẹ́ẹ̀, 2.34801E+12 gan-an ni yóò wọ inú fáìlì. Àwọn nọ́ńbà ẹ̀yìn yòókù ti lọ nìyẹn, kò sí oògùn rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń ṣí i tí òdo kò fi ní í lọ? A kì í tẹ fáìlì náà rárá. A ó kọ́kọ́ ṣí Excel tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, a ó lọ sí Data, a ó mú From Text/CSV, a ó wá fi fáìlì wa hàn án. Yóò gbé àwòrán díẹ̀ wá kí a fi wò ó. Kí a má ṣe tẹ Load. Transform Data ni kí a tẹ̀. Nínú fèrèsé tí yóò ṣí, àmì kékeré 123 wà lórí òpó fóònù, pé iye ni. A ó tẹ àmì náà, a ó yan Text. Excel á wá béèrè ìbéèrè kan tí ó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà: Replace current àbí Add new step? Replace current ni. Tí a bá mú èkejì, Excel á kọ́kọ́ sọ ọ́ di iye, òdo á lọ, kó tó wá sọ èyí tó ṣẹ́ kù di ọ̀rọ̀. Bí a ti ṣe fún fóònù ni a ó ṣe fún báńkì àti àkáǹtì. Kí a fi òpó owó sílẹ̀ bó ṣe wà, torí bí a bá sọ òun náà di ọ̀rọ̀, SUM kò ní lè ròó. Lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ Close & Load. A ó mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i tí fóònù àti àkáǹtì bá fara ti apá òsì àpótí wọn, tí owó sì fara ti apá ọ̀tún.

Ẹni tí ó bá ní Excel tuntun ti Microsoft 365 lè wọ File, Options, kí ó lọ sí Data, kí ó sì mú àmì kúrò níwájú Remove leading zeros and convert to a number. Orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ni ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ o. Ti akápò ẹgbẹ́ á ṣì máa jẹ òdo. Ní Google Sheets, File àti Import ni, kí a sì mú àmì kúrò ní Convert text to numbers, dates, and formulas.

Bí wọ́n bá ti ṣe Save ńkọ́, tí kò sì sí ẹ̀dà mìíràn? Gígùn nọ́ńbà ló lè gbà wá. Àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà kì í dín ní mẹ́wàá, kì í sì í lé. Bí àkáǹtì bá wà ní òpó D, a ó kọ èyí sínú òpó tó ṣófo:

```
=TEXT(D2,"0000000000")
```

Òdo mẹ́wàá ni mo kọ síbẹ̀. Fún fóònù, mọ́kànlá. Fún kóòdù báńkì, mẹ́ta. 14579 á padà di 0000014579. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ṣọ́ fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà. Mẹ́wàá ni tiwọn, kò sì ní òdo níwájú, bẹ́ẹ̀ ni 803 tó jẹ́ ti MTN nílé nígbà tí òdo rẹ̀ bá ti lọ, kóòdù agbègbè kan ní South Carolina ni lọ́hùn-ún. TEXT kò mọ ìyàtọ̀, á fi òdo fún àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó mọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì ní kóòdù ọmọ ẹgbẹ́ tí gígùn wọn kò dọ́gba, tí ẹnìkan jẹ́ 007, tí ẹlòmíràn jẹ́ 0007, 7 ni àwọn méjèèjì dà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni kí wọ́n lọ tú.

Lẹ́yìn àtúnṣe, fáìlì .xlsx ni kí a fi ìwé náà pamọ́ sí, torí òun ń rántí pé ọ̀rọ̀ ni òpó kan jẹ́. Ìgbà tí báńkì bá béèrè csv nìkan ni kí a ṣe é. Ẹni tó bá sì fẹ́ yẹ csv tuntun náà wò kó tó fi ránṣẹ́, Notepad ni kí ó fi wò ó, torí tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel á tún jẹ òdo lójú rẹ̀, òun á sì rò pé àtúnṣe òun kò ṣiṣẹ́.