Bí A Ṣe Ń Sọ Àtẹ fún Ẹni Tí Kò Rí I

Ojú ni wọ́n ṣe àtẹ fún. Ẹni tó ń wò ó lè tọ ìlà kan lọ, kó gbójú sókè wo orí òpó, kó sì padà síbi tó ti kúrò. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lórí rédíò, tàbí afọ́jú tí kọ̀ǹpútà ń kà á fún, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà á kàn máa tẹ̀lé nọ́ńbà ni, kò sì ní pẹ́ gbàgbé èyí tó jẹ́ ti ọdún wo.

Ẹ wo àtẹ ìkànìyàn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà: òpó kan fún ọdún 1991, òpó kejì fún 2006. Kí òǹkọ̀wé tó kọ gbólóhùn kan, ó ní láti mọ ohun tí àtẹ náà ń wí, ìyẹn ni pé èèyàn pọ̀ sí i. Ìyẹn ló máa ṣíwájú, kí nọ́ńbà tó dé. Ọdún méjèèjì ìpínlẹ̀ kan á wà pa pọ̀, nítorí ìyàtọ̀ wọn lolùgbọ́ fẹ́ mọ̀. Nọ́ńbà Èkó, 5,725,116, wúwo jù fún etí. “Ó dín díẹ̀ ní mílíọ̀nù 6” tó. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

“Láàárín ìkànìyàn 1991 àti ti 2006, èèyàn pọ̀ sí i gan-an. Èkó ló ní èèyàn jù: wọn ò tíì pé mílíọ̀nù 6 lọ́dún 1991, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 9 lọ́dún 2006. Ọ̀yọ́ kúrò ní bíi mílíọ̀nù 3 àtààbọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 5 àtààbọ̀.”

Ògùn àti Ọ̀ṣun á tẹ̀lé e bákan náà. Oǹdó ni wàhálà wà. Àtẹ fi 3,785,338 síwájú orúkọ rẹ̀ lọ́dún 1991, ó fi 3,460,877 sí i lọ́dún 2006. Àpótí Èkìtì fún 1991 sì ṣófo. Ẹni tó bá kàn ka ìlà náà á ní èèyàn dín kù l'Óǹdó. Irọ́ ni. Lára Oǹdó ni wọ́n ti yọ Èkìtì lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá, 1996, nítorí náà àwọn ará Èkìtì wà nínú nọ́ńbà àkọ́kọ́. Òfìfo yẹn kì í ṣe òdo, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀:

“Oǹdó àti Èkìtì ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan lọ́dún 1991, èèyàn ibẹ̀ sì dín díẹ̀ ní mílíọ̀nù 4. Lọ́dún 2006, àwọn méjèèjì jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 6.”

Láti yẹ iṣẹ́ náà wò, kí ẹni tí kò rí àtẹ náà gbọ́ ìpínrọ̀ yìí, kó sì ya àtẹ tirẹ̀ sórí ìwé. Àpótí tó bá ṣì kún, gbólóhùn tó bí i ló yẹ kí wọ́n tún kọ. Ṣùgbọ́n àtẹ ìjọba ìbílẹ̀ 774 Nàìjíríà kò ṣeé sọ tán nínú ìpínrọ̀ kan. Èyí tó pọ̀ jù, èyí tó kéré jù àti ibi tí wọ́n ti lè rí ìyókù ni kí òǹkọ̀wé sọ.