Àpótí Íméèlì Kan, Ẹ̀rọ Méjì: IMAP ni àbí POP?

Ní Ṣómólú, l'Ékòó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dáwọ́ dúró, inú íméèlì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Oníbàárà tó fẹ́ tẹ káàdì ìgbéyàwó á fi fáìlì ránṣẹ́, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á dá a padà kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí bébà tó wọ ẹ̀rọ. Ká sọ pé obìnrin kan ní irú ilé ìtẹ̀wé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó ra àdírẹ́sì íméèlì pọ̀ mọ́ orúkọ wẹ́ẹ̀bù iléeṣẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló sì ti ń gba lẹ́tà láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ní báyìí, ó fẹ́ máa rí lẹ́tà wọ̀nyẹn lórí fóònù, kó lè dá oníbàárà lóhùn bó bá lọ ra bébà.

Ó tẹ àdírẹ́sì àti páásíwọ́ọ̀dù sínú fóònù. Fóònù béèrè: IMAP ni àbí POP? Ó yan IMAP, torí wọ́n ti sọ fún un pé òun ló dáa jù. Àpótí ṣí, lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kó tó di ọ̀sán, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pòórá. Ó pe ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. "Màmá, wọ́n wà lọ́dọ̀ mi níbí o," ni ìyẹn fi dá a lóhùn.

Fóònù kọ́ ló jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ló ń kó lẹ́tà náà lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀, POP ló ń lò, wọ́n sì ti pàṣẹ fún un pé bó bá ti gba lẹ́tà tán, kó pa á rẹ́ lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ń bá wọn tọ́jú àpótí náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rò pé ìbéèrè tí ẹ̀rọ kejì béèrè, ẹ̀rọ kejì nìkan ló kàn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ló ń pinnu ohun tí ìkejì máa bá nílẹ̀.

Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ìlànà POP sílẹ̀. Ẹ̀dà kẹta rẹ̀, POP3, tí a ṣì ń lò dòní, jáde ní 1988. Wọ́n ṣe é fún àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí kò lè máa wà lórí ìsokọ́ra ní gbogbo ìgbà. Ó ń ṣe bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́: ó ṣí àpótí, ó kó ohun tó bá níbẹ̀, ó gbé e wálé. Bí kọ̀ǹpútà bá ti wọlé tán pẹ̀lú orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ tó ń bá sáfà sọ kò ju báyìí lọ:

```
UIDL
RETR 1
DELE 1
QUIT
```

`UIDL` ni kọ̀ǹpútà fi ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ èyí tí òun ò tíì gbà. `RETR 1` ló fi ń gba lẹ́tà àkọ́kọ́. `DELE 1` ló ń sọ pé kí sáfà pa á rẹ́, ṣùgbọ́n sáfà ò ní fọwọ́ kàn án títí kọ̀ǹpútà yóò fi sọ pé `QUIT`, ìyẹn ni pé ó dìgbà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já kí `QUIT` tó dé, kò sí ohun tó máa parẹ́. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi lè pẹ́ díẹ̀ lórí fóònù obìnrin yìí láwọn ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù bá ń já, tó sì máa jẹ́ bí ìgbà tí ìṣòro náà ti lọ fúnra rẹ̀.

Ti IMAP yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Mark Crispin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ní 1986. Lábẹ́ IMAP, orí sáfà ni ojúlówó lẹ́tà ń gbé. Ẹ̀dà rẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń fi hàn. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ka lẹ́tà ní ṣọ́ọ̀bù, sáfà á fi àmì `\Seen` sí i lára. Bó bá fèsì, á fi `\Answered` sí i. Fóònù ọ̀gá á rí àmì náà, kò sì ní fèsì ẹ̀ẹ̀kejì fún oníbàárà tí wọ́n ti fún ní iye owó. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti orí fóònù náà á wà nínú `Sent`, bí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ láti máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sórí sáfà. POP kò mọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. `Inbox` nìkan ló ń rí. Kò mọ̀ pé `Sent` wà, kò sì mọ̀ pé sáfà ti ju lẹ́tà oníbàárà kan sínú `Spam`.

Fún iṣẹ́ tí èèyàn méjì jọ ń ṣe lórí àpótí kan, IMAP ni kí wọ́n lò, lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Kí ọ̀kan lo IMAP kí èkejì lo POP tó ń pa lẹ́tà rẹ́, òun ló burú jù nínú gbogbo ètò tó ṣeé ṣe, òun ni obìnrin yìí sì ṣe láìmọ̀.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ kó tó fọwọ́ kan fóònù? Kó ṣí àpótí náà láti orí búráúsà, ní ojúewé tí iléeṣẹ́ tó ta àdírẹ́sì fún un pèsè. Ohun tó bá rí níbẹ̀ gan-an ló wà lórí sáfà. Bí kọ̀ǹpútà bá ní lẹ́tà ọdún mẹ́fà, tí búráúsà ò ní ju tòní lọ, POP ń kó o lọ nìyẹn. Bí ti ọ̀sẹ̀ méjì bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Outlook ni, tí wọ́n sàmì sí `Remove from server after 14 days`. Èèyàn tún lè wo nọ́ńbà pọ́ọ̀tù nínú ètò àpótí náà: 995 tàbí 110 jẹ́ ti POP, 993 tàbí 143 jẹ́ ti IMAP. Nínú méjìméjì yìí, 995 àti 993 ló máa ń di ọ̀rọ̀ náà ní ààbò láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ló sì yẹ ní lílò.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé ìtẹ̀wé wa ni láti dá ìparẹ́ dúró. Nínú ètò POP tó wà lórí Outlook, kí wọ́n sàmì sí `Leave a copy of messages on the server`, kí wọ́n sì yọ àmì tó wà lára ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ara wọn, kí kọ̀ǹpútà gbà á, kí wọ́n sì lọ wo búráúsà. Bí lẹ́tà náà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ọdún mẹ́fà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Outlook àti Thunderbird kì í yí àpótí POP padà di IMAP. Ńṣe ni wọ́n á fi àdírẹ́sì kan náà kún un lẹ́ẹ̀kejì, gẹ́gẹ́ bí IMAP, kí méjèèjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fúngbà díẹ̀. Lẹ́tà tuntun á máa hàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò yìí. Kì í ṣe àìsàn. Kó tó di pé wọ́n gbé ohunkóhun, kí wọ́n ti Outlook pa, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà fáìlì `.pst` tó kó lẹ́tà àtijọ́ sínú díìsìkì mìíràn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá máa da lẹ́tà láti àpótí POP kọ sínú àpótí IMAP. Kí wọ́n dà á kọ ni o, kí wọ́n má gbé e kúrò, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, ojúlówó á ṣì wà níbi tó wà. Àyè orí sáfà ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé máa ń wúwo nítorí àwòrán, kì í sì í ṣòro kí ti ọdún mẹ́fà tó gígábáìtì mẹ́rin. Bí àpótí tí wọ́n ra kò bá gbà ju gígábáìtì kan lọ, á kún bámú, sáfà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́tà oníbàárà padà. Kí wọ́n yáa da ti ọdún yìí nìkan kọ, bí ìyẹn bá gbà, kí ti àtijọ́ sì wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń wá a tẹ́lẹ̀. Bí búráúsà bá ti fi iye lẹ́tà tí wọ́n dà kọ hàn, wọ́n lè pàṣẹ fún àpótí POP pé kó má gba lẹ́tà mọ́.

Àtìgbà náà lọ, ohun tí ọ̀gá bá pa rẹ́ lórí fóònù á kúrò ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú. Èyí ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Fóònù kún, wọ́n ń nu lẹ́tà kúrò kí àyè lè wà fún fọ́tò, wọn ò mọ̀ pé orí sáfà ni àwọn ń nù. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, wọ́n á rí i nínú `Trash`, àmọ́ kì í wà níbẹ̀ títí: Gmail máa ń da tirẹ̀ nù lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kún, kó dín iye ọjọ́ tí fóònù ń gbà sílẹ̀ kù sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan. Ìyẹn kò kan sáfà rárá. Ní ti dátà, ọ̀pọ̀ áàpù IMAP máa ń kọ́kọ́ gba orí lẹ́tà, tí fáìlì ńlá á sì dúró títí ẹni tó ni ín yóò fi tẹ̀ ẹ́.

POP ṣì ní ipò tirẹ̀. Ẹni tí àyè orí sáfà rẹ̀ kéré gan-an, tó sì ń lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo, lè jókòó sórí rẹ̀ láìsí wàhálà. Ó sì wúlò bí ẹ̀rọ kejì bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tọ́jú ẹ̀dà lọ, torí lẹ́tà tí ẹnì kan ṣèèṣì pa rẹ́ lórí fóònù á ṣì wà lórí rẹ̀, bí ó bá ti gbà á ṣáájú. Àmọ́ dandan ni kó máa fi ẹ̀dà sílẹ̀ lórí sáfà. Lórí Thunderbird, `Leave messages on server` ni wọ́n á sàmì sí. Kí wọ́n sì wò ó dáadáa pé `For at most 14 days` kò ní àmì.

Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá jẹ́ POP, ohun kan tún wà tó máa ń da ni láàmú. POP máa ń ti àpótí mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń gba àwòrán ńlá kan, tí fóònù náà wá kanlẹ̀kùn, sáfà lè dá a lóhùn pé `-ERR`, fóònù á sì béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ìyẹn á sì wá ti kọ̀ǹpútà náà síta. Kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n tún gbìyànjú. Bó bá wọlé láìjẹ́ pé wọ́n yí ohunkóhun padà, páásíwọ́ọ̀dù ò ṣe nǹkan kan. Kí wọ́n kàn fi àlàfo tó pọ̀ sí i sáàárín ìgbà tí fóònù ń lọ wo àpótí.