Ẹ̀rọ ló kọ ọ́ ni, àbí ọmọ iléèwé?

Ìpínrọ̀ 6 péré ni olùkọ́ nílò fún ìdánrawò yìí. Kí ó jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ 3, kí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kọ 3 yòókù. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo wọn dá lé, kí wọ́n sì gùn bákan náà. Kí olùkọ́ tún àṣìṣe sípẹ́lì ṣe, kí ìyẹn má baà tú àṣírí.

Kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dá kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó mú un fura.

Ká ní ọjà ìlú ni wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ìpínrọ̀ kan ní ọjà náà kún fún ariwo àti oríṣìíríṣìí ẹrù. Òmíràn ní òjò wọ inú gàrí ìyá kan, ló bá ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ní ẹ̀rọ ló kọ ti àkọ́kọ́, nítorí pé kò sí ọjà tí kò bá mu. Ṣùgbọ́n ọmọ náà lè kọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà sì lè dárúkọ gàrí tí wọ́n bá ní kó ṣe é.

Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí Yunifásítì Sítánfọ́ọ̀dù, l'Amẹ́ríkà, kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ẹ̀rọ atúṣìírí 7. Ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí 61 nínú 100 ni wọ́n ṣì pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Nítorí náà, àlàyé tí ọmọ ṣe ni kí olùkọ́ fún ní máàkì, kì í ṣe iye tó gbà. Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Kí olùkọ́ tó fẹ̀sùn kan ọmọ, kó ní kó fẹnu ṣàlàyé ohun tó kọ.