Yorùbá fún títà, Gẹ̀ẹ́sì fún sísan

Nígbà tí aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá ń rọ àwọn oníṣọ́ọ̀bù lọ́jà, Yorùbá tó dán mọ́rán ló ń sọ. Bí iná bá wá jó ṣọ́ọ̀bù, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ṣí sórí tábìlì. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa fi àkékúrú Yorùbá ti ìwé náà lẹ́yìn.

Àwọn amòfin ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ti rọrùn jù, oníbàárà lè gbé e lọ sí kóòtù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi kún un nísàlẹ̀ pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò lékè bí méjèèjì bá takora. Ìṣọ́ra náà ní ìdí, àmọ́ ó lè sọ àkékúrú di ìwé ìpolówó lásán. Lójú tèmi, ohun tí yóò yanjú rẹ̀ ni kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìlà inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi owó ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ wo ibi tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Obìnrin kan ní ọjà ₦4,000,000 ní ṣọ́ọ̀bù. Kí owó tí yóò san má baà pọ̀, ó ní ₦2,000,000 ni. Iná jó ọjà ₦1,000,000. Ó rò pé mílíọ̀nù kan pérépéré ni yóò gbà, torí kò tó iye tó kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ọjà ló sanwó ààbò lé lórí, nítorí náà ìdajì òfò ni ilé-iṣẹ́ yóò san: ₦500,000. Wọ́n tún lè yọ iye tí ìwé ní kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fara dà. Ẹni tó rí ìṣirò yìí kó tó sanwó kò ní pe ilé-iṣẹ́ lólè lẹ́yìn iná. Bóyá ìdí nìyí tí kì í fi í yá àwọn tó ń ta ìwé náà lára láti ṣe é. Ó yẹ kí wọ́n sọ ti rògbòdìyàn náà ṣáájú: ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò iná kì í san án, àfi bí ẹ bá fi owó kún un.

Ní ti bíbéèrè owó, ojú ewé kan nínú àkékúrú náà tó láti sọ èyí: Ẹ pe ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi ìwé tẹ̀lé e. Ẹ má tíì kó ẹrù tó jó dànù kí ẹni tí wọ́n rán wá ṣírò òfò tó dé. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ panápaná, kí ẹ sì kó rìsíìtì ọjà jọ. Ẹni tí tirẹ̀ jóná pọ̀ mọ́ ọjà lè gba ẹ̀dà lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà fún un.

Ìwé ìkẹyìn ni kí wọ́n fi lẹ́tà tó tóbi jù kọ nípa rẹ̀: èyí tí ẹ ó buwọ́ lù pé iye tí wọ́n fẹ́ san tẹ́ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, ó ṣòro láti padà wá béèrè ìyókù.