Oníbàárà Tó Sọnù Láìsí Ariwo

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan lórí Shopify, tó ní 60,000 oníbàárà. Oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ kó àkọsílẹ̀ gbogbo wọn wá sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Onítọ̀hún kò ní í jókòó máa dà wọ́n kọ. Yóò kọ ètò kékeré kan tí yóò máa bèèrè wọn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà Shopify láti ojú ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹpíáì. Wàhálà méjì ló wà lójú ọ̀nà náà. Ọ̀kan máa ń pariwo, èkejì kì í sọ̀rọ̀ rárá, èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ni mo sì ń bẹ̀rù.

Kò sí ẹni tí wọn yóò kó 60,000 lé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fúnni. Tí ẹ kò bá dárúkọ iye, oníbàárà 50 ni ẹ ó rí. 250 ló pọ̀ jù. Ìbéèrè náà ní òdiwọ̀n tirẹ̀, Shopify sì fi garawa tó ń jò ṣàlàyé rẹ̀: lórí ètò ìsanwó tó wọ́pọ̀, garawa náà gba ìbéèrè 40, méjì sì ń jò dànù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti kún, ẹ ó dúró kó tó gba òmíràn.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá ń kó 50, ìbéèrè 1,200 la nílò. 40 àkọ́kọ́ lè wọlé wéré, ìyókù ń wọlé ní méjìméjì, ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí a bá ń kó 250, ìbéèrè 240 péré ni, kò sì ní í tó ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n ní ó lọ́ra, ohun tó ṣe é kò ju èyí lọ.

Ẹni tó bá sáré kọjá òdiwọ̀n yóò gba nọ́ńbà 429 padà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ bàjẹ́. Wọ́n ní kó mú sùúrù ni, èsì náà sì máa ń sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi dúró:

```
if r.status_code == 429:
    time.sleep(float(r.headers["Retry-After"]))
```

Shopify máa ń kọ ọ́ bíi `2.0`, ìdí nìyẹn tí mo fi lo `float`. `int` yóò kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn oorun náà, ìbéèrè kan náà gan-an ni ká tún rán. Ẹni tó bá fò ó lọ sí èyí tó kàn ti pàdánù 250 oníbàárà.

Èkejì wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹpíáì ló ń fi nọ́ńbà pe ojú ewé: ojú ewé 1, ojú ewé 2. Ká ní a ti kó ojú ewé 1 tán, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù wá pa oníbàárà mẹ́ta rẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ìlà yóò sún sókè. Àwọn tó wà ní ipò 251 sí 253 ti bọ́ sí ojú ewé 1 tí a ti kọjá, nígbà tí a bá sì bèèrè ojú ewé 2, ẹni 254 ló máa ṣíwájú. Ojú ewé náà kún, 250 pé, kò sí àṣìṣe kankan tó hàn, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ti lọ. Bó bá ṣe pé ẹni tuntun ló wọlé sókè, àwọn kan yóò wá lẹ́ẹ̀mejì.

Láti 2019 ni Shopify ti ń yọwọ́ nínú nọ́ńbà ojú ewé. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ká sọ ẹni tí a rí gbẹ̀yìn:

```
GET /admin/api/2024-10/customers.json?limit=250&since_id=0
```

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó tóbi jù nínú èsì ni yóò rọ́pò odo náà nínú ìbéèrè tó kàn, títí ojú ewé kan yóò fi dé lófìfo. Ẹnikẹ́ni ìbáà pa ẹni tó wà lókè rẹ́, kò kàn wá, torí a kò ka ipò mọ́. Bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, nọ́ńbà ìkẹyìn tí a kọ sílẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ padà. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó mú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sórí ẹni tí a ti kó kọjá. Ìyẹn ni a fi ń padà wá pẹ̀lú `updated_at_min` ní alẹ́.

Nígbà tó bá parí, `customers/count.json` yóò sọ iye tó yẹ kó wà. Ẹ má fi iye ìlà nìkan wé e o. Ẹni mẹ́ta tó sọnù àti ẹni mẹ́ta tó wá lẹ́ẹ̀mejì máa ń bo ara wọn mọ́lẹ̀, 60,000 á sì pé pérépéré. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò jọra ni kí ẹ kà.