Fídíò ìpara láìsí ìka mẹ́fà

Oníṣòwò òrí, ì báà jẹ́ ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́, lè fi ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe fídíò ìpolówó láìgba oníkámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ohun kan máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́: obìnrin inú fídíò á gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìka rẹ̀ á di mẹ́fà, tàbí kí ó rì wọnú awọ ara. Bí ọwọ́ bá sì kọjá níwájú ojú, ojú ẹlòmíràn lè yọ lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà tó bá rí i á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí òrí náà pàápàá.

Ẹ̀rọ náà kò mọ egungun ọwọ́. Ohun tó ti rí nínú fídíò púpọ̀ ló fi ń méfò ohun tó kàn. Ohun tí ọwọ́ bá sì bò mọ́lẹ̀, ṣe ló máa tún un yà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin tó ń fi òrí para lówùúrọ̀. A kì í kó ìfọjú, ìnujú àti ìpara pọ̀ sínú àṣẹ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní fídíò tirẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá 5, a ó sì so wọ́n pọ̀ níkẹyìn. Fún ìpara, a kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹni tó gbà fún wa, tí ìka rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí gbogbo wọn hàn kedere. Fọ́tò yìí la fún ẹ̀rọ pé kó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà a kọ àṣẹ yìí ní Faransé:

```
Plan fixe, gros plan, lumière de fenêtre.
La femme étale lentement la crème
sur sa joue gauche avec deux doigts.
Elle ne parle pas. Pores visibles.
```

Kámẹ́rà kò mì, ọwọ́ kò yára, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ń pa, nítorí náà ọwọ́ kò bo ojú tàbí ẹnu. Ihò ara tó hàn kì í jẹ́ kí awọ dà bí ike. A kò kọ "kò gbọdọ̀ sí ìka mẹ́fà", torí pé dídárúkọ àléébù lè pè é wá. Bí ẹ̀rọ bá ní àpótí ọ̀tọ̀ fún ohun tí a kò fẹ́, ibẹ̀ ni ká kọ ọ́ sí.

Kí a tó gbé e jáde, a máa ń wò ó díẹ̀díẹ̀, ká ka ìka, ká wo ibi tí orí ìka ti kan awọ, ká sì fi yẹtí àti ojú ìbẹ̀rẹ̀ wé ti ìparí. Bí àléébù bá yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kẹrin, a ó gé e ní ẹ̀kẹta. Bó bá ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, fọ́tò ló yẹ ká pààrọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ṣíṣí ìdérí ìgò ṣì ń da ẹ̀rọ láàmú. Ó sàn kí a fi fóònù ya ìyẹn. Ní ti awọ tó ń dán nínú fídíò, ẹ̀rọ ló yà á, kì í ṣe òrí. Ẹni tó bá fi hàn pé ojú àpá pòórá nínú rẹ̀ ti tan oníbàárà jẹ.